Ìwé tí ẹ ó kọ kí ilé ìwòsàn tó lè fún yín ní ẹ̀dà dòsíyè yín

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Ó lóyún oṣù mẹ́ta, ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, agbẹ̀bí sì rí àpá abẹ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ohun tí agbẹ̀bí kọ́kọ́ béèrè ni pé: "Ìyá, ìwé iṣẹ́ abẹ yìí ńkọ́?" Obìnrin náà ní kò sí lọ́wọ́ òun. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí òun lọ́dún 2019, nígbà tí òun lọ bímọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Agbẹ̀bí ní kó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ọ̀hún, kó gba ẹ̀dà dòsíyè rẹ̀ wá. Ó délé, ó ní kí ọmọ àbúrò òun tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá òun kọ ọ́, ìwé náà kò sì ju ìlà méjì lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba dòsíyè mi. Mo bímọ lọ́dọ̀ yín nígbà kan." Wọ́n fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Àjàṣẹ́.

Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í rí èsì, kì í sì í ṣe ìkà ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn. Pẹpẹ ló yí i ká, dòsíyè tò lé ara wọn láti ilẹ̀ dé òkè. Ìlà méjì yẹn kò sọ ẹni tó kọ̀wé, kò sọ ìgbà tó wá, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ ṣàánú, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a? Bó bá sì rí dòsíyè kan tó jọ ọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ni ín ló ń béèrè, tí kì í ṣe ìyàwó kejì, tàbí ẹnì kan tó fẹ́ tú àṣírí rẹ̀ síta?

Ohun méjì ni ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ kedere: ẹni tí ẹ jẹ́, àti ohun tí ẹ fẹ́ lo ẹ̀dà náà fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn méjèèjì kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún ló ń sọ fún olùtọ́jú ìwé pé abala wo ni kó yọ nínú dòsíyè, ẹni tí ẹ jẹ́ ló sì ń sọ ibi tí yóò ti rí i. Màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kùnà jù.

Ẹ padà wo obìnrin tó wà ní Kétu. Kí ni agbẹ̀bí fẹ́ mọ̀ gan-an? Kì í ṣe pé wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, ó ti fojú ara rẹ̀ rí àpá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Awọ ikùn ọ̀tọ̀, ilé ọmọ tó wà nínú ọ̀tọ̀. Dókítà lè la awọ ní ìbú nísàlẹ̀ ikùn, kó sì la ilé ọmọ ní òró nínú. Ó tún lè la awọ ní òró láti ìdodo sísàlẹ̀, kó wá la ilé ọmọ ní ìbú. Àpá òde kò lè sọ ti inú fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí agbẹ̀bí náà ní ìrírí tó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì pọ̀. Lápá ìsàlẹ̀, ilé ọmọ máa ń fẹ́lẹ́ nígbà tí oyún bá ti gbó, kì í sì í sún kì pọ̀ nígbà ìrọbí. Bí wọ́n bá là á ní ìbú níbẹ̀, ojú ọgbẹ́ máa ń san dáadáa. Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tó ní irú ojú abẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ fi ara wọn bí ọmọ tó tẹ̀ lé e, àwọn tí ilé ọmọ wọn máa ń ya kì í sábà tó mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá là á ní òró lọ sókè, ibi tí ẹran ti nípọn tó sì ń sún kì gidigidi ni abẹ gbà kọjá. Àwọn tó máa ń ya níbẹ̀ á tó nǹkan bí mẹ́rin sí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè ya kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tó ní irú ojú abẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìrọbí nílé. Wọ́n máa ń dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un ṣáájú ni. Kétu sí ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè fi ọ̀kadà sáré gbà lóru pẹ̀lú ilé ọmọ tó ti ya.

Abala ìwé kan ló ń dáhùn ìbéèrè yìí, òun náà ni ìròyìn iṣẹ́ abẹ. Dókítà tó ṣiṣẹ́ náà ló máa ń kọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọjọ́ àti wákàtí, ìdí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ, irú oògùn tí wọ́n fi pa ìrora, bí wọ́n ṣe la awọ, bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ, ibi tí olóbi wà, bóyá ojú abẹ fà ya kọjá ibi tí wọ́n là á dé, bí wọ́n ṣe rán an padà, àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dànù. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni nígbà míì. Inú dòsíyè tó lè ní ogún ojú ìwé ló sì wà: ìwé ìgbàwọlé, ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ìfúnpá àti ooru ara sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn, ìwé ìjáde.

Ẹ rí i báyìí pé "mo fẹ́ dòsíyè mi" kò tó. Bí obìnrin náà bá kọ̀wé pé òun tún ti lóyún, pé agbẹ̀bí fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ òun, olùtọ́jú ìwé mọ ojú ìwé tó máa yọ. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, dókítà tó bá ka ìwé yìí máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, yóò sì mọ̀ pé oyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, abala mẹ́ta ló yẹ kó béèrè: ìròyìn iṣẹ́ abẹ, ìwé ìjáde, àti èsì àyẹ̀wò irú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí i lára. Ìyókù kò ní ran agbẹ̀bí lọ́wọ́, ṣe ni yóò kàn mú kí ẹni tó ń ṣe fótókópì sún iṣẹ́ náà síwájú.

Ẹlòmíì ńkọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ tàbí ti iléeṣẹ́ adójútòfò ló fẹ́ lo ìwé fún? Ìwé mìíràn nìyẹn máa ń bèèrè. Adójútòfò sábà máa ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí dókítà fọwọ́ sí nípa ìpalára àti iye ọjọ́ tí èèyàn kò fi lè ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ. Ẹni tó bá kọ "fún ìtọ́jú" nígbà tó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló ń lọ yóò gba ìwé tí kò wúlò fún un, yóò sì tún padà lọ béèrè òmíràn. Ẹ sọ ìdí tó jẹ́ òótọ́, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Kò pọn dandan kí ẹ ro ìtàn ìdílé yín fún wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jẹ́. Níbi tó pọ̀, kì í ṣe lẹ́tà orúkọ ni dòsíyè àtijọ́ fi ń tò. Ọjọ́ tí ẹ wọlé ni wọ́n fi ń kọ yín sínú rẹ́jísítà, ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kan, inú rẹ́jísítà yẹn ni nọ́ńbà dòsíyè yín sì wà. Ẹni tó mọ ọjọ́ tó wọlé ti mú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fúyẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ju ọdún lọ ti sọ pé kí wọ́n ka rẹ́jísítà ọdún kan tán. Bí ọjọ́ náà kò bá sí lórí yín mọ́, ẹ wá a lára àwọn ìwé tó wà nílé. Ìwé ìbí ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà nìyẹn. Kánẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà ní in. Rìsíìtì ilé ìwòsàn, tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí, lè ní nọ́ńbà dòsíyè fúnra rẹ̀ lórí.

Orúkọ wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù fún àwa Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, torí pé ìkọ̀wé Faransé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ wa, bí etí akọ̀wé bá sì ṣe gbọ́ ọ ló ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní Àbẹ̀kẹ́ Adéṣínà ni obìnrin wa ń jẹ́. Akọ̀wé kan á kọ Adéchina, ẹlòmíì á kọ Adéshina, ẹ̀kẹta á kọ Adésina. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọláwálé. Olawalé lẹnì kan kọ, Olaoualé lẹlòmíì kọ. Lóru tí wọ́n gbé e wọlé, ìrora kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dúró níwájú akọ̀wé, òun ló sọ orúkọ, orúkọ ọkọ ló sì sọ. Akọ̀wé béèrè ọjọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ní "ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n." Báyìí ni dòsíyè ṣe di ti Olaoualé, ọmọ ọdún 26, nígbà tí káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè kọ Adéchina Abékè, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí pípé.

Olùtọ́jú ìwé tó bá gba káàdì yẹn tó sì wo rẹ́jísítà yóò sọ tọkàntọkàn pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò purọ́. Ohun tó máa yanjú ẹ̀ ni pé kí ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ to gbogbo orúkọ tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ sílẹ̀: orúkọ tó wà lórí káàdì, orúkọ ọkọ, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ wọ́n, orúkọ ẹni tó mú un wọlé, àti àdúgbò tó ń gbé nígbà náà. Nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ, ohun kan tún wà tí ẹlòmíì kì í rántí: ṣé ọkùnrin ni ọmọ tàbí obìnrin, àti wákàtí tí wọ́n bí i. Rẹ́jísítà ìbímọ máa ń ní méjèèjì. Bí orúkọ bá tiẹ̀ yàtọ̀, tí ọjọ́, wákàtí, irú ọmọ àti iṣẹ́ abẹ bá bára mu, olùtọ́jú ìwé mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀.

Wíwá ìwé rí nìyẹn, fífi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín ṣì kù. Fótókópì káàdì ìdánimọ̀ tàbí ti ìwé ìdánimọ̀ tí ANIP, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú, ń fúnni ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì kọ NPI yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó jẹ́ tiyín nìkan, sínú ìwé, torí nọ́ńbà yẹn kì í yí padà bí orúkọ bá tiẹ̀ yí. Bí orúkọ káàdì àti ti dòsíyè kò bá bára mu, bí irú èyí tí mo ṣe àlàyé rẹ̀ yìí, ẹ fi ìwé tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kún un. Ìwé ìbí ọmọ náà dára jù, torí pé orúkọ ìyá àti ti bàbá ló wà lórí rẹ̀ pa pọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì tún wà níbẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó láti mérì náà ṣiṣẹ́.

Bí mo bá máa bá a kọ ọ́, báyìí ni màá ṣe é:

"Kétu, 10 oṣù kẹta 2025.

Láti ọ̀dọ̀ Adéchina Abékè, àdúgbò ……, Kétu. Fóònù: ……

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn ……, Àjàṣẹ́. Fún àfiyèsí ọ́fíìsì ìwé àwọn aláìsàn.

Ọ̀rọ̀: Ìbéèrè fún ẹ̀dà ìròyìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ ti oṣù kẹjọ ọdún 2019.

Ọ̀gá, mo kí yín o.

Èmi Adéchina Abékè, tí wọ́n bí ní Kétu ní 4 oṣù karùn-ún 1993, NPI ……, ni wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn yín, ní ẹ̀ka ìbímọ, ní alẹ́ 17 oṣù kẹjọ 2019. Wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí mi ní ìdájí 18. Ọmọkùnrin ni mo bí. Mo kúrò ní ilé ìwòsàn ní 24 oṣù náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wọlé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ ọkọ mi ni wọ́n kọ sílẹ̀: Olawalé tàbí Olaoualé. Wọ́n sì tún lè ti kọ orúkọ tèmi ní Adéshina tàbí Adésina.

Mo tún ti lóyún, ó ti pé oṣù mẹ́ta. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi ní Kétu nílò láti mọ bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ mi nígbà náà, kí òun àti dókítà lè pinnu bí mo ṣe máa bí èyí àti ibi tí mo ti máa bí i. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní ẹ̀dà ìròyìn iṣẹ́ abẹ náà, ìwé ìjáde mi, àti èsì irú ẹ̀jẹ̀ mi pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí mi lára. Bí ẹ kò bá rí dòsíyè náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi yọ ohun tó wà nípa mi nínú rẹ́jísítà yàrá iṣẹ́ abẹ àti rẹ́jísítà ìbímọ.

Èmi fúnra mi ni màá wá gbà á. Màá san owó fótókópì tó bá yẹ.

Mo fi fótókópì káàdì ìdánimọ̀ mi àti ti ìwé ìbí ọmọ náà kún un.

Ẹ ṣeun. (Ìfọwọ́sí)"

Ẹ kíyè sí i pé kò gùn. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò ràn ẹnì kan lọ́wọ́: ìlà ọ̀rọ̀ ń sọ fún akọ̀wé ọ̀gá ibi tó máa darí ìwé sí, ọjọ́ ń ṣí rẹ́jísítà, orúkọ ọkọ ń gba olùtọ́jú ìwé lọ́wọ́ èsì "kò sí," ọ̀rọ̀ oyún ń jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Gbólóhùn rẹ́jísítà ni mo kà sí pàtàkì jù níbẹ̀, màá sì padà sórí rẹ̀.

Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì, nítorí náà ẹni tó gbọ́ ọ ni kó bá yín yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ tán ní Yorùbá kí ẹni náà tó mú bírò. Àwọn tó ń kọ̀wé fúnni ní ojú mérì mọ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé púpọ̀, wọ́n lè kún ojú ìwé fún yín kí ọjọ́ tí ẹ wọlé ilé ìwòsàn má sí nínú rẹ̀ rárá. Kí wọ́n kà á sí yín létí padà, kí ẹ sì gbọ́ ọjọ́ náà, orúkọ méjèèjì, àti abala mẹ́ta tí ẹ béèrè.

Ọ̀gá àgbà ni a ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe olùtọ́jú ìwé, torí pé olùtọ́jú ìwé kò lè fúnni ní nǹkan láìgba àṣẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ọ́fíìsì akọ̀wé ọ̀gá máa gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ àti nọ́ńbà sórí ìkejì, ẹ ó sì mú un dání. Ẹ má ṣe fi ìwé náà sílẹ̀ láìgba òǹtẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ béèrè, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa wò, kì í ṣe ojú yín. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí a kàn fi rán awakọ̀. Ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ lè dúró gba òǹtẹ̀.

Ẹ̀dà ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè dòsíyè fúnra rẹ̀. Èdè àìyedè ńlá wà níbí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń sọ pé "ilé ìwòsàn ló ni dòsíyè," aláìsàn náà a sì bínú pé "ara mi ni wọ́n kọ sínú rẹ̀." Àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ náà kò gbọ́dọ̀ jáde, torí òun ni ẹ̀rí iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ṣe, bí ẹ bá tún ṣàìsàn padà sọ́dọ̀ wọn òun ni wọ́n máa wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn lẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2017-20, tí wọ́n buwọ́ lù ní 20 oṣù kẹrin 2018, fi odindi ìwé karùn-ún rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Ẹ̀tọ́ ẹni láti béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa rẹ̀ wà nínú òfin náà. Àjọ tó ń bójú tó o ni APDP. Mi ò ní kí ẹ fi òfin halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni ní ojú fèrèsé. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì mẹ́nu bà á nínú ìwé kejì bí àkọ́kọ́ kò bá rí èsì.

Òfin kan náà yìí ló ń ṣọ́ yín lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọkọ kò lè kàn wá gba dòsíyè ìyàwó rẹ̀ torí pé òun ló san owó. Ìyá ọkọ náà kò lè ṣe é. Bí ó bá di dandan kí ẹlòmíì bá yín gbà á, ẹ kọ ìwé àṣẹ tí ẹ fọwọ́ sí: "Mo fún lágbájá, tí nọ́ńbà káàdì rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí, láṣẹ láti bá mi gba ẹ̀dà tí mo béèrè ní ọjọ́ báyìí," kí ẹ sì fi fótókópì káàdì tiyín àti tirẹ̀ sí i. Àwọn ibì kan á fẹ́ kí mérì jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí náà, ẹ béèrè kó tó di pé ẹ rán an. Fún ọmọ kékeré, bàbá tàbí ìyá ló ń béèrè, ìwé ìbí ọmọ ló sì ń fi hàn pé òun ni òbí rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní dókítà kan gbọ́dọ̀ yẹ dòsíyè wò kí ẹ̀dà tó jáde, tàbí kí wọ́n fún yín nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ orúkọ agbẹ̀bí sí. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí kò dí i lọ́wọ́. Owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san, ojú kásà ni kí ẹ ti san án, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó sí òun lọ́wọ́ kí òun tó wá dòsíyè, ẹ bi í léèrè rìsíìtì.

Nígbà tí ẹ bá gbà á, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Àṣìṣe mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwé ẹlòmíì tó ní orúkọ kan náà: ẹ wo ọjọ́ àti irú ọmọ. Ó lè jẹ́ ìwé ìjáde nìkan ni wọ́n fún yín, tó kọ "iṣẹ́ abẹ ìbímọ" láìsọ bí wọ́n ṣe là á. Ìyẹn kò tíì dáhùn ìbéèrè agbẹ̀bí. Ó sì lè jẹ́ pé fótókópì náà ti ṣú débi pé ìwé ọwọ́ dókítà kò ṣeé kà. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀, ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu kì í ṣe kékeré.

Bí wọ́n bá wá sọ pé dòsíyè ti sọnù ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Ikán wà, òjò wà, wọ́n ń kó ọ́fíìsì láti ilé kan sí òmíràn. Ibí ni gbólóhùn rẹ́jísítà inú ìwé wa ti wúlò. Yàrá iṣẹ́ abẹ ní rẹ́jísítà tirẹ̀, tí kì í bá dòsíyè lọ síbi ìkówèésí. Ìlà kan ni aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nínú rẹ̀: ọjọ́, orúkọ, ohun tó ṣe é, irú iṣẹ́ abẹ, dókítà tó ṣe é. Ẹ̀ka ìbímọ náà ní tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2009 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san 100,000 fáràǹ sẹ́fà padà fún ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé ìwòsàn yẹn ní ìdí tó lágbára láti kọ iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da ìlà tiyín kọ, kí dókítà fọwọ́ sí i, kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀.

Ìlà rẹ́jísítà lè má sọ bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ, ṣùgbọ́n ó máa sọ ìdí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ, ìyẹn sì wúlò fún dókítà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé oyún ti pé oṣù mẹ́sàn-án, tí ọmọ dojú kọlẹ̀, tí ìrọbí pẹ́ jù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa là á ní ìbú nísàlẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé oyún kò tíì tó oṣù méje, tàbí ọmọ dábùú, tàbí olóbi bo ẹnu ọ̀nà, tàbí ìju wà nísàlẹ̀ ilé ọmọ, dókítà á fura pé wọ́n lè ti là á ní òró. Nínú oyún tí kò tíì gbó, apá ìsàlẹ̀ yẹn kò tíì fẹ̀ tó láti gba abẹ.

Bí wọ́n kò bá rí ohunkóhun rárá, ẹ gba ìyẹn pàápàá lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Agbẹ̀bí tó bá rí ìwé pé a wá a tì kò ní dúró dè é mọ́ títí oyún á fi pé oṣù mẹ́jọ. Yóò tètè fi obìnrin náà ránṣẹ́ sí dókítà, ní Pọbẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n lè dá ọjọ́ àti ibi tó ti máa bímọ, nígbà tí ó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mọ́tò.